Bí a ṣe ń ṣírò ooru àti omi tí sítíìmù ń dà lára páìpù tútù

Ẹ jẹ́ ká mú páìpù idẹ kan tí ìdábùú ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan. Omi tútù ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, sítíìmù tó gbóná tó 100 °C sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ohun méjì la fẹ́ mọ̀. Báwo ni ooru tí páìpù yìí ń gbà lára sítíìmù ṣe pọ̀ tó? Kílò omi mélòó ni sítíìmù ń dà sí i lára ní wákàtí kan? Bí páìpù náà bá dùbúlẹ̀, ìdáhùn kan la ó rí. Bí a bá gbé e nàró, tí ìgbóná ojú rẹ̀ sì wà bákan náà, a ó pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta ooru náà lọ.

Ìṣirò yìí wúlò níbi gbogbo tí sítíìmù bá ti ń di omi lẹ́yìn páìpù tàbí lára ògiri tútù, láti orí kọ́ńdẹ́ńsà kékeré inú ilé iṣẹ́ títí dé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin lẹ́bàá ọ̀sà Èkó, níbi tí sítíìmù tó ti yí tọ́báìnì tán ti ń padà di omi. Kò wúlò fún ìkòkò ògógóró o. Nínú ti ògógóró, inú páìpù ni oru ọtí ti ń di omi, omi inú dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Oru tó ń sáré nínú páìpù máa ń ti omi síwájú, omi náà sì máa ń gbá jọ sí ìsàlẹ̀ páìpù, nítorí náà ìlànà mìíràn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára páìpù

Bí sítíìmù bá kan ojú tó tutù ju òun lọ, á di omi, á sì tú ooru tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Omi yẹn kì í kúrò lójú kan náà. Á tẹ́ sára páìpù bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwúwo rẹ̀ á sì máa fà á lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sítíìmù tó bá dé lẹ́yìn náà kò rí ara páìpù fọwọ́ kàn mọ́. Ara awọ omi ló máa dé, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba inú awọ omi náà kọjá kó tó kan idẹ. Bí awọ náà bá ṣe nípọn tó ni ìdíwọ́ ṣe pọ̀ tó.

Wilhelm Nusselt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ló kọ́kọ́ sọ èyí di ìṣirò ní ọdún 1916. Ohun tó rò kò le: ìwúwo omi ń fà á sílẹ̀, kíki omi ń dá a dúró, ooru sì ń gba inú awọ omi kọjá tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láti inú ohun mẹ́ta yìí ló ti rí bí awọ náà ṣe nípọn tó níbikíbi. Lára páìpù wa, bó bá nàró, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ 80 °C, awọ omi tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá kò ju nǹkan bíi mílímítà 0.17 lọ. Ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí òkè pátápátá, ó jẹ́ ìdajì ìyẹn. Kí awọ náà tó lè nípọn ní ìlọ́po 2, omi gbọ́dọ̀ ti rin ìlọ́po 16 ọ̀nà tó ti rìn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdá 1/4 fi ń jẹyọ nínú gbogbo ìlànà tí a máa lò.

Ibẹ̀ náà ni ìdí tí páìpù tó dùbúlẹ̀ fi ń borí ti wà. Omi tó wà lórí rẹ̀ kò ní ju mílímítà 39 lọ láti rìn, ìyẹn ìdajì àyíká páìpù, kó tó kán sílẹ̀. Lára èyí tó nàró, mílímítà 1000 ló máa rìn kó tó bọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú páìpù dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí òróró tàbí ọ̀rá bá wà lára rẹ̀, omi kì í tẹ́ sí i lára. Á ṣù ní ẹ̀kán ẹ̀kán, á máa yí bọ́, ojú páìpù á sì máa ṣí sílẹ̀ fún sítíìmù. Nígbà náà, ooru lè kọjá ní ìlọ́po 5 sí 10 ohun tí ìṣirò yìí máa sọ. Ó dùn mọ́ni létí, àmọ́ kì í pẹ́. Ọ̀rá náà á ṣàn lọ, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ẹni tó bá ń ya àwòrán kọ́ńdẹ́ńsà máa ń gbà pé omi máa tẹ́, torí pé bí ẹ̀kán bá wà, èrè ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó àwọn ìwọ̀n jọ

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbóná tí sítíìmù fi ń di omi. Ìfúnpá ló ń pinnu rẹ̀. Inú ìwé ìṣirò sítíìmù la ti ń wò ó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú: géèjì ara bọ́ílà ń ka òdo nígbà tí ìfúnpá inú rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́ ìta. Bí géèjì bá ka 1 bar, ìfúnpá tòótọ́ jẹ́ nǹkan bíi 2 bar, ìgbóná sítíìmù sì jẹ́ 120 °C, kì í ṣe 100 °C. Nínú àpẹẹrẹ wa, géèjì ń ka òdo, nítorí náà a wà ní 100 °C.

Ìkejì ni ìgbóná ojú páìpù. A ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ fojú bù ú ná: 80 °C. A máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé òun gan-an ló ń ba ìdáhùn jẹ́ jù.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, tí a ó máa pè ní ΔT, jẹ́ 20. Àárín gbùngbùn wọn jẹ́ 90 °C, ìyẹn sì ni ìgbóná awọ omi. Níbi 90 °C yẹn ni kí ẹ ti wo ìwà omi nínú ìwé:

```
ρ  = 965.3 kg/m³       (omi)
k  = 0.675 W/m·K
μ  = 0.000315 Pa·s
cp = 4206 J/kg·K
ρv = 0.60 kg/m³        (sítíìmù, ní 100 °C)
hfg = 2 257 000 J/kg   (ní 100 °C)
```

ρ ni ìwúwo, k ni bí omi ṣe ń gbé ooru kọjá sí, μ ni kíki rẹ̀, cp ni ooru tó ń mú kílò kan gbóná sí i ní dígírì kan. hfg ni ooru tí kílò sítíìmù kan ń tú sílẹ̀ bó bá di omi. Ẹ kíyè sí i pé 100 °C la ti wo hfg àti ρv, kì í ṣe 90 °C. Ojú ibi tí sítíìmù ti ń di omi ni wọ́n ti wúlò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ooru ìdomi ṣe

Omi tó bá ti wà nínú awọ náà kì í dúró sí 100 °C. Ó ń tutù sí i bó ṣe ń sún mọ́ idẹ, ó sì ń tú ooru díẹ̀ sí i sílẹ̀. Àtúnṣe tí Rohsenow ṣe ni gbogbo ayé ń lò fún èyí:

```
h' = hfg + 0.68 × cp × ΔT
h' = 2 257 000 + 0.68 × 4206 × 20
h' = 2 314 200 J/kg
```

Àfikún rẹ̀ kò tó ìdá 3 nínú 100 fún omi. Ẹni tó bá ń kánjú lè fò ó, ìdáhùn rẹ̀ ò ní bàjẹ́. Fún àwọn gáàsì inú fìríìjì, níbi tí hfg ti kéré, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láti fò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: páìpù tó dùbúlẹ̀

Ìlànà rẹ̀ rèé. g ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, ìyẹn 9.81, D sì ni ìdábùú ẹ̀yìn páìpù ní mítà. h tó ń wá nínú rẹ̀ ni iye wáàtì tó ń gba ojú tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin kan kọjá, fún ìyàtọ̀ ìgbóná dígírì kan:

```
h = 0.729 × [ g·ρ·(ρ − ρv)·k³·h' / (μ·ΔT·D) ]^(1/4)
```

Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ sínú kakulétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe ti òkè lọ́tọ̀, ẹ ṣe ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó pín in:

```
òkè     = 9.81 × 965.3 × 964.7 × 0.675³ × 2 314 200 = 6.50 × 10^12
ìsàlẹ̀  = 0.000315 × 20 × 0.025 = 0.0001575
òkè ÷ ìsàlẹ̀ = 4.13 × 10^16
```

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ √ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó rí nǹkan bíi 14 254. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.729:

```
h = 10 390 W/m²·K
```

Ẹ dúró níbí kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Fún sítíìmù omi lára páìpù kékeré, h sábà máa ń wà láàárín 5 000 sí 15 000. Bí tiyín bá jẹ́ nǹkan bíi 1 850, mo lè sọ ibi tí wàhálà wà láìrí ìwé yín: ìwé ìṣirò sítíìmù máa ń fi kJ kọ hfg àti cp, ẹ sì gbàgbé láti sọ wọ́n di J. Àṣìṣe ìlọ́po 1000 nínú h' máa ń fara hàn bí ìlọ́po 5.6 nínú ìdáhùn, nítorí ìdá 1/4 yẹn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hàn gbangba pé ó burú.

Ó ku ìsọdipúpọ̀. Ojú páìpù, tí a pè ní A, fẹ̀ tó π × 0.025 × 1, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 0.0785. q ni ooru tí páìpù ń gbà, m sì ni kílò omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

```
q = h × A × ΔT = 10 390 × 0.0785 × 20 = 16 300 W
m = q / h' = 16 300 / 2 314 200 = 0.00704 kg/s
```

Kílówáàtì 16.3 nìyẹn, pẹ̀lú omi kílò 25 ní wákàtí kan, lára páìpù kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: páìpù kan náà nígbà tó bá nàró

Páìpù tó nàró kò yàtọ̀ sí ògiri tó nàró, níwọ̀n ìgbà tí awọ omi bá ti fẹ́lẹ́ púpọ̀ ju ìdábùú páìpù lọ. Mílímítà 0.17 lára páìpù mílímítà 25: kò séwu. Fífẹ̀ ògiri náà ni àyíká páìpù, ìyẹn πD. Ohun méjì péré ló yí padà nínú ìlànà: 0.943 rọ́pò 0.729, gíga L sì rọ́pò D.

```
h = 0.943 × [ g·ρ·(ρ − ρv)·k³·h' / (μ·ΔT·L) ]^(1/4)
h = 5 345 W/m²·K
```

Ẹ má tíì kọ ìdáhùn sílẹ̀ o. Ìlànà yìí gbà pé omi ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ìgbì. Ó yẹ ká dán ìyẹn wò. Iye kan wà tí wọ́n ń pè ní Re, tó ń fi bí omi ṣe pọ̀ tó ní ìsàlẹ̀ ògiri wé kíki rẹ̀:

```
Re = 4·m / (μ·π·D)
```

Bí Re kò bá ju 30 lọ, omi ń sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìlànà Nusselt sì tọ́ gan-an. Láàárín 30 sí 1800, ojú awọ náà ń rú ní ìgbì wẹ́wẹ́. Bó bá ti ju 1800 lọ, omi ti ń dàrú. Ẹni tó bá wo ojú gíláàsì tí sítíìmù ń di omi lára rẹ̀ máa rí ìgbì wẹ́wẹ́ yìí kedere: òkè pátápátá máa ń dán, tó bá wá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀, ojú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ léraléra, ìlà lórí ìlà, bó ṣe ń sáré lọ sílẹ̀.

Pẹ̀lú h = 5 345, q jẹ́ nǹkan bíi 8 400 W, m jẹ́ 0.00363 kg/s, Re sì jáde ní 587. A ti kọjá 30 tipẹ́tipẹ́. Ìgbì náà máa ń mú kí awọ omi fẹ́lẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ooru sì máa ń kọjá ju ohun tí Nusselt sọ lọ. Ìlànà tó bá ìgbì mu gba ọ̀nà iye kan tí wọ́n ń pè ní P:

```
ℓ = (ν²/g)^(1/3),  níbi tí ν = μ/ρ
P = k·L·ΔT / (μ·h'·ℓ)
h = (k/ℓ) × (1/P) × (0.68·P + 0.89)^0.82
```

Bí P bá wà láàárín 15.8 sí 2530 ni èyí wúlò. Bó bá kéré ju 15.8 lọ, ẹ padà sí 0.943. Bó bá ju 2530 lọ, omi ti dàrú, ìlànà mìíràn ló kàn, àmọ́ páìpù tó ga tó mítà kan kì í sábà dé ibẹ̀ pẹ̀lú sítíìmù bí èyí.

Fún páìpù wa, ν jẹ́ 3.263 × 10^−7, ℓ jẹ́ 2.214 × 10^−5 mítà, P sì jẹ́ 836. Ó wà láàárín. Ẹ fi sínú ìlànà:

```
(0.68 × 836 + 0.89)^0.82 ≈ 181.8
h = (0.675 / 2.214×10^−5) × 181.8 / 836 ≈ 6 630 W/m²·K
q = 6 630 × 0.0785 × 20 ≈ 10 400 W
m = 10 400 / 2 314 200 ≈ 0.0045 kg/s
```

Kílò omi 16 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá dúró sórí 0.943 máa sọ pé kílò 13 ni. Ẹ tún Re wò pẹ̀lú m tuntun: 727. Ó ṣì wà láàárín 30 sí 1800, nítorí náà ìlànà tí a yàn bára mu.

Kí ló dé tí a kò fi dán Re wò fún èyí tó dùbúlẹ̀? Ọ̀nà tí omi ń rìn kúrú débi pé kì í ráyè rú bẹ́ẹ̀. Lára páìpù kékeré, ìlànà 0.729 ṣeé gbára lé fún sítíìmù tí kò bá sáré púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ìgbóná ojú páìpù tòótọ́

Gbogbo ohun tí a ti ṣe dúró lórí 80 °C tí a fojú bù. Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ á fún yín ní iye yìí. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa fún yín, nítorí pé omi inú páìpù ló ń pinnu rẹ̀. Ooru tó bá ti ara sítíìmù wọ páìpù gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí omi inú rẹ̀ ń gbé lọ. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, 80 °C yẹn kì í ṣe òótọ́.

Ẹ padà sórí páìpù tó dùbúlẹ̀. Ìdábùú inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 21. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi mítà 0.85 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àárín gbùngbùn ìgbóná omi náà sì jẹ́ 30 °C. Pẹ̀lú ìwọ̀nyí, h ti inú páìpù jẹ́ nǹkan bíi 4 000. Idẹ náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ kéré. Bí a bá fi ojú ẹ̀yìn páìpù wọn ohun gbogbo, ìdíwọ́ méjèèjì pa pọ̀ jẹ́:

```
1/(4000 × 21/25) + 0.0125 × ln(25/21)/110 = 0.000317 m²·K/W
```

110 ni bí idẹ ṣe ń gbé ooru kọjá sí. Ẹ yí 0.000317 dà, ẹ ó rí 3 150. Èyí túmọ̀ sí pé láti ojú páìpù, wáàtì 3 150 ló ń lọ sínú omi fún mítà onígun mẹ́rin kan àti ìyàtọ̀ dígírì kan.

Ẹ wá fi 80 °C dán an wò. Sítíìmù ń fúnni ní 10 390 × 20, ìyẹn nǹkan bíi 207 800 W/m². Omi ń gba 3 150 × 50, ìyẹn 157 500. Sítíìmù ń fúnni ju ohun tí omi lè gbé lọ, nítorí náà ojú páìpù máa gbóná sí i títí wọn á fi bára dọ́gba.

Ẹ ò ní láti tún gbogbo ìṣirò h ṣe. Nítorí pé ΔT wà ní ìsàlẹ̀ ìlànà pẹ̀lú ìdá 1/4, ooru tó ń ti ara sítíìmù wá ń yí padà bíi ΔT^0.75. Ẹ gbìyànjú 85 °C, ΔT jẹ́ 15: ti sítíìmù jẹ́ 207 800 × (15/20)^0.75, ìyẹn nǹkan bíi 167 500. Ti omi jẹ́ 3 150 × 55, ìyẹn 173 250. Wàyí o, omi ló ń gbà jù. Ẹ wá sí àárín: 84.5 °C, ΔT jẹ́ 15.5. Ti sítíìmù jẹ́ 171 700, ti omi náà jẹ́ 171 700. Wọ́n ti bára mu.

```
q = 171 700 × 0.0785 ≈ 13 500 W
h' = 2 257 000 + 0.68 × 4206 × 15.5 = 2 301 300 J/kg
m = 13 500 / 2 301 300 ≈ 0.00587 kg/s ≈ 21 kg/h
```

Ẹ fi wé kílówáàtì 16.3 tí a rí ní ìgbésẹ̀ kẹta. Ìfojúbù wa ti fi nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 kún un lásán. Ẹ tún wo ibi tí ìdíwọ́ wà: láti sítíìmù dé ojú páìpù, dígírì 15.5 péré ni. Láti ojú páìpù dé inú omi, 54.5 ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí páìpù yìí ṣiṣẹ́ sí i, omi inú rẹ̀ ni kó mú sáré. Bó ti wù kó ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ tó, ìwọ̀nba ni èrè rẹ̀.

Ó ku àyẹ̀wò kan tí ọ̀pọ̀ máa ń fò. Omi tó ń gba páìpù yìí kọjá jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.29 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá gbé kílówáàtì 13.5 lọ, á gbóná sí i ní dígírì 11. Kí àárín gbùngbùn rẹ̀ tó lè jẹ́ 30 °C, ó gbọ́dọ̀ wọlé ní 24.5 °C kó sì jáde ní 35.5 °C. Bí omi tiyín bá ń wọlé ní 28 °C, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ yìí láti nǹkan bíi 33.5 °C. Ooru tí ẹ ó rí á dín díẹ̀ sí ti òkè yìí.

Bí páìpù bá pọ̀ lórí ara wọn

Nínú kọ́ńdẹ́ńsà gidi, páìpù máa ń tò sórí ara wọn, omi ti òkè á sì máa kán sórí ti ìsàlẹ̀. Awọ omi ti ìsàlẹ̀ máa ń nípọn jù. Ìṣirò Nusselt sọ pé kí ẹ sọ h di púpọ̀ pẹ̀lú N^(−1/4), níbi tí N ti jẹ́ iye páìpù tó tò lórí ara wọn ní òòró kan. Fún páìpù 6, ìyẹn jẹ́ 0.64. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé omi kì í bọ́ bí aṣọ tí a ta. Ẹ̀kán ẹ̀kán ló ń bọ́, ó sì máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́, ó ń da awọ omi ti ìsàlẹ̀ rú. Nítorí náà àwọn tó ń ya àwòrán kọ́ńdẹ́ńsà sábà máa ń lo N^(−1/6), tó fún wa ní 0.74. Èmi náà ń lo 1/6. Ẹ fi sára h ti ẹ̀yìn páìpù, kí ẹ sì tún ìgbésẹ̀ karùn-ún ṣe, torí pé ojú páìpù ò ní wà ní 84.5 °C mọ́.

Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, tí kò bá ìṣirò mu

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yẹ ìṣirò yìí wò ni kí ẹ gbe omi tó ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Páìpù wa yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi kílò 3.5. Ìyàtọ̀ ìdá 10 sí 15 nínú 100 kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín, kò sí ìlànà inú iṣẹ́ yìí tó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá rí kílò 2, nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa ń fura sí ni afẹ́fẹ́. Sítíìmù máa ń gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ dání, tàbí kó gba ibi tó ń jò wọlé bí kọ́ńdẹ́ńsà bá wà lábẹ́ ìfúnpá tó kéré ju ti ìta. Afẹ́fẹ́ kì í di omi. Sítíìmù á gbé e dé ara páìpù, sítíìmù á di omi, afẹ́fẹ́ á sì dúró síbẹ̀ bí ìbòrí. Sítíìmù tó bá tún ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá. Nínú sítíìmù tó dúró jẹ́, afẹ́fẹ́ tó kéré tó ìdá 0.5 nínú 100 ìwúwo lè dín ooru kù dé ìdajì. Ìṣirò Nusselt kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ó gbà pé sítíìmù mọ́ ni.

Èkejì ni ìpẹ́pẹ́ funfun tí omi líle máa ń fi sínú páìpù. Òun kò kan ẹ̀yìn rárá, inú ló ti ń dí ooru lọ́wọ́.

Láti mọ èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ki tẹmómítà sí àyè tí sítíìmù wà, nítòsí ibi tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ẹ wo ohun tí géèjì ń kà, kí ẹ sì wá ìgbóná tó bá a mu nínú ìwé. Bí tẹmómítà bá kà ju dígírì mélòó kan lọ sísàlẹ̀ ìyẹn, afẹ́fẹ́ ti kó jọ síbẹ̀. Ẹ ṣí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ní apá ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún gbe omi fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Bí omi bá pọ̀ sí i, ẹ ti rí ọ̀daràn yín. Ó túmọ̀ sí pé fáàfù náà gbọ́dọ̀ máa ṣí díẹ̀ nígbà gbogbo, tàbí kẹ́ ẹ wá ibi tó ń jò. Bí tẹmómítà àti géèjì bá bára mu, tí ṣíṣí fáàfù kò sì yí ohunkóhun padà, tí omi inú páìpù ń ṣàn bó ti yẹ àmọ́ tí kò gbóná ju dígírì 6 tàbí 7 lọ dípò 11, ẹ pa sítíìmù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tú orí kọ́ńdẹ́ńsà, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn fọ inú páìpù.